Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ní òun kò rí rí

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń fi èdè Páítọ̀nù kọ ètò fún kọ̀ǹpútà yóò pàdé iṣẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́: gba ìwé kan, kí o sì ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fara hàn nínú rẹ̀. Yóò sì pàdé àṣìṣe tí gbogbo wa pàdé níbẹ̀, ìyẹn `KeyError`, nígbà tí ètò náà bá kan ọ̀rọ̀ tí kò tíì rí rí. Àwọn olùkọ́ máa ń sáré kọjá ibẹ̀. Wọ́n á ní, ẹ lo èyí, ẹ lo tọ̀hún, àṣìṣe náà á lọ. Ó máa ń lọ lóòótọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé fún àwa tí à ń kọ èdè tó ní àmì lórí àti àmì lábẹ́, kò yẹ kí a lé e lọ pátápátá. Ibì kan wà tó yẹ kí a ti pa á lẹ́nu mọ́, ibì kan sì wà tó yẹ kí a jẹ́ kó máa pariwo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí Páítọ̀nù ń pè ní `dict` dà bí ìwé kékeré tí oníṣòwò fi ń kọ gbèsè sílẹ̀: orúkọ wà lápá kan, iye owó wà lápá kejì. Orúkọ yẹn ni à ń pè ní kọ́kọ́rọ́, nítorí òun la fi ń ṣí ibi tí iye wà. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀rọ̀ ni kọ́kọ́rọ́, iye ìgbà tí a rí ọ̀rọ̀ náà ló sì wà ní apá kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ báyìí:

```python
n = {}
for w in 'ìyá lọ sí ọjà ìyá ra ẹja ní ọjà'.split():
    n[w] = n[w] + 1
```

Ọ̀rọ̀ 9 ló wà nínú gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò kọjá ti àkọ́kọ́. Ó kọ `KeyError: 'ìyá'`, ó sì dúró. Ẹni tó bá ka ìlà kẹta bí a ṣe ń ka Yorùbá, láti òsì sí ọ̀tún, kò ní rí ohun tó burú níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í kà á bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Kó tó fi ohunkóhun sínú `n[w]`, ó ní láti mọ iye tó wà nínú `n[w]` báyìí, kó tó lè fi 1 kún un. Nígbà tó lọ wò ó, ìwé òfìfo ló bá. Kò sí ìyá níbẹ̀. Kò sì sọ pé òdo ni, nítorí òdo pàápàá jẹ́ iye tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀.

Ẹ bi oníṣòwò léèrè pé èló ni Ṣadé jẹ. Bí ó bá ní, "Ṣadé kò jẹ mí ní kọ́bọ̀," ó mọ Ṣadé, wọ́n ti ṣòwò rí, Ṣadé sì ti san owó rẹ̀ tán. Bí ó bá ní, "Ta ni Ṣadé?" ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Páítọ̀nù ya ìdáhùn méjèèjì sọ́tọ̀. Kì í ṣe gbogbo èdè kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. AWK, tí Aho, Weinberger àti Kernighan ṣe ní Bell Labs ní 1977, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí o bá kọ `n[w]++` fún ọ̀rọ̀ tí kò rí rí, ó gbà pé òdo ni, ó fi 1 kún un, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn AWK nítorí èyí. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ kíkà nìkan, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ní Páítọ̀nù, ọ̀nà tó rọrùn jù láti jáde nínú wàhálà náà ni kí a yí ìlà kẹta padà díẹ̀:

```python
    n[w] = n.get(w, 0) + 1
```

Ohun tí `get` ń sọ ni pé: mú iye ọ̀rọ̀ yìí wá fún mi, bí kò bá sì sí, fún mi ní òdo. Pẹ̀lú èyí, ètò náà kà dé òpin, ó sì bí èyí:

```python
{'ìyá': 2, 'lọ': 1, 'sí': 1, 'ọjà': 2,
 'ra': 1, 'ẹja': 1, 'ní': 1}
```

Kọ́kọ́rọ́ 7 ló wà níbẹ̀, àròpọ̀ iye wọn sì jẹ́ 9. Ẹ máa ṣe ìṣirò kékeré yìí nígbà gbogbo. Bí àròpọ̀ kò bá bá iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé mu, ohun kan ti jábọ́ lọ́nà.

Mi ò ní ìjà kankan pẹ̀lú `get` níbi tí a ti ń kà. Nígbà tí à ń kà, ọ̀rọ̀ tí a kò tíì rí kì í ṣe ohun àjèjì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé. Iye ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó wà nínú ìwé ni iye ìgbà tí a ó pàdé ọ̀rọ̀ tuntun, kò sì dáwọ́ dúró ní ojú ìwé kìíní. George Kingsley Zipf, tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1935 àti ní 1949, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń fara hàn lemọ́lemọ́, tí àìmọye sì ń fara hàn lẹ́ẹ̀kan péré. Nínú ìwé tó gùn níwọ̀nba, ó sábà máa ń tó bí ìdajì àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a óò rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà kò sí ìdí tí ètò tó ń kàwé á fi máa ṣubú lórí ohun tó wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn olùkọ́ jà ni lẹ́yìn tí a bá ti kà tán, nígbà tí a bá padà wá bi `dict` náà léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Talladjé ni mo ń gbé, ní Niamey. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ Zarma, wọ́n ń fi Haúsá rajà, wọ́n sì ń fi Faransé kàwé. Yorùbá ni ti inú ilé, ti inú ilé náà sì ń dín kù. Àwọn òbí kan wá pinnu pé àwọn á ṣe káàdì fún àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ kan sórí káàdì kan, 100 fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹnìkan ní kí a má wulẹ̀ jà sí i: ká kọ ìtàn táwọn àgbà ń sọ sílẹ̀, ká ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ká sì mú 100 tó wọ́pọ̀ jù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló tẹ ìtàn náà, oníkálukú pẹ̀lú ohun èlò tirẹ̀. Ọ̀kan fi fóònù tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan fi kọ̀ǹpútà alágbèéká tẹ̀ ẹ́, ó sì ní bọ́tìnì tó fi ń fi àmì sí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹta ń ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ láti inú fáìlì àtijọ́ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ló kọ ètò tó kà á.

Ọjọ́ tó kà á tán ló pè mí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan. Kọ̀ǹpútà ní kò sí ọjọ́ nínú gbogbo ìwé wa."

Mo ní, "Kò sí ọjọ́ báwo? Ìtàn wo ni Bàbá sọ tí kò ní 'ọjọ́ kan' nínú?"

Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà nìyí:

```python
>>> n['ọjọ́']
KeyError: 'ọjọ́'
```

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Tí a bá tẹ gbogbo `n` jáde, ojú wa rí `'ọjọ́'` kedere, kódà ibi mẹ́ta la ti rí i, pẹ̀lú iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 9, 5 àti 2. Kọ́kọ́rọ́ kan náà kò lè wà nínú `dict` lẹ́ẹ̀mejì, ká má tíì sọ ẹ̀ẹ̀mẹta. Nítorí náà, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n. Ojú tiwa ló ń rí wọn bí ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà kì í fi ojú wo ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ló ń tò pọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò, tí à ń pè ní Yúníkóòdù. `dict` á wo bí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, á fi ṣírò ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà, á sì lọ wò ó níbẹ̀. Bí nọ́ńbà kan péré bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni lójú tirẹ̀. Yúníkóòdù sì gbà wá láyè láti kọ lẹ́tà kan ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó jẹ́ odidi. A sì tún lè kọ o lásán, kí a wá fi àmì abẹ́ tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà kejì. Bí àmì ohùn bá tún wọ̀ ọ́, ọ̀nà á pọ̀ sí i, nítorí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ọ́ pẹ̀lú àmì méjèèjì rẹ̀. Àwọn tó ṣètò Yúníkóòdù fi nọ́ńbà odidi fún ó, wọ́n fi fún ọ, wọn ò fi fún ọ́.

Láti rí ohun tí kọ̀ǹpútà ń rí, àṣẹ kan wà nínú Páítọ̀nù tó ń jẹ́ `ascii`. Ó ń tú ọ̀rọ̀ sí nọ́ńbà rẹ̀. A fi wo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

```python
'o\u0323jo\u0323\u0301'   9
'\u1ecdj\xf3\u0323'       5
'o\u0329jo\u0329\u0301'   2
```

Ti àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń fi àmì sí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀: o, kókó abẹ́, j, o, kókó abẹ́, àmì ohùn òkè. Nọ́ńbà 6 ni. Ti èkejì wá láti orí fóònù, tó ní ọ odidi fún lẹ́tà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí ẹni náà tẹ ó kó tó wá kókó abẹ́ fún un. Nọ́ńbà 4 nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ti fáìlì àtijọ́, a ó sì padà sórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa wá fi kíbọọ̀dù tirẹ̀ bèèrè `'\u1ecdj\u1ecd\u0301'`, tí òun náà jẹ́ nọ́ńbà 4, tí kò sì bá ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ẹ kíyè sí i pé kíka gígùn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú `len` kò tó láti dá wọn mọ̀: 4 ni tirẹ̀, 4 ni ti orí fóònù, síbẹ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. `ascii` ló ń tú àṣírí.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó ti gba ìmọ̀ràn àwọn tó ní kí a lo `get` níbi gbogbo. Ì bá bèèrè `n.get('ọjọ́', 0)`, kọ̀ǹpútà ì bá sì dá a lóhùn pé 0. Kò sí ariwo, kò sí ìlà pupa. Òdo jẹ́ ìdáhùn tó mọ́, tó ṣeé kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tó fara hàn nígbà 16 ni wọn ì bá kọ òdo sí níwájú. Kódà bí wọn kò bá bèèrè rẹ̀, tí wọ́n kàn to gbogbo ọ̀rọ̀ láti orí èyí tó pọ̀ jù, ọjọ́ ì bá jókòó síbi 9, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ kúrò nínú 100. Ọ̀rọ̀ tó ní àmì méjì lórí lẹ́tà kan ni ìyà yìí ń jẹ jù. Ra, lọ́wọ́ kejì, kò ní àmì rárá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti tẹ̀ ẹ́, iye rẹ̀ á sì pé. Ìyẹn ni pé káàdì àwọn ọmọ náà ì bá kún fún ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, kì í ṣe nítorí pé àgbà ń sọ wọ́n jù, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n rọrùn láti tẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé `KeyError` ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a ní nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní, "Mi ò mọ ẹni yìí rí," fún ẹni tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ ká bèèrè ìdí.

Ohun èlò méjì mìíràn tí wọ́n ń fi kọ́ni tún mú ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Ọ̀kan ni `defaultdict`, tó wọ inú Páítọ̀nù ní 2006. Bí ẹ bá kọ `n = defaultdict(int)`, ọ̀rọ̀ tí kò bá sí á gba òdo fúnra rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé bíbèèrè lásán ń kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ẹ bèèrè `n['ọjọ́']` lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀, á ní 0, á sì fi ọjọ́ kún ìwé pẹ̀lú 0 níwájú rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ìwé bá jẹ́ 7 kó tó di pé ẹ bèèrè, yóò di 8. Bí iṣẹ́ yín bá sì jẹ́ láti sọ iye ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó wà nínú ìtàn, ìbéèrè yín ti ba ìdáhùn jẹ́. Oníṣòwò wo ló ń kọ orúkọ ẹni tó kàn bèèrè ọ̀nà sínú ìwé gbèsè?

Èkejì ni `Counter`, tí wọ́n dìídì ṣe fún kíkà. Òun ní ìwà ju ìyẹn lọ: bí ẹ bá bèèrè ọ̀rọ̀ tí kò sí, á dá yín lóhùn pé 0, kò sì ní kọ ohunkóhun sílẹ̀. Mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n òdo náà ló ń sọ, òdo náà ló sì ń tàn wá. Ohun tí mo ń ṣe ni pé tí ó bá ti kà tán, mo máa ń yí i padà sí `dict` lásán:

```python
from collections import Counter
n = dict(Counter(oro))
```

Níbẹ̀, `oro` ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ti gé. Láti ìgbà yẹn lọ, ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn á máa pariwo padà. Ẹ fi `Counter` kà, ẹ fi `dict` bèèrè. Ìyàtọ̀ ìlà kan péré ni.

Báwo wá ni a ṣe sọ ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀kan? Yúníkóòdù fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà kíkọ pọ̀, ó sì ní ìlànà tó ń mú gbogbo wọn wá sí ojú kan. NFC ni orúkọ èyí tí mo ń lò: ó ń to àwọn àmì sípò kan náà, ó sì ń so ohun tó bá ṣeé so pọ̀. Ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì gba ìlànà yìí, wọ́n sì di `'\u1ecdj\u1ecd\u0301'` láìjanpata, 9 àti 5 di 14. Ẹ̀kẹta kọ̀ jálẹ̀. Ẹ padà wò ó: `\u0329` ló wà lábẹ́ o rẹ̀, kì í ṣe `\u0323`. Kì í ṣe kókó ló wà lábẹ́ lẹ́tà náà, igi tín-ínrín ni, irú èyí tí ẹ ó rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde. Lójú Yorùbá, ohun kan náà ni kókó àti igi. Lójú Yúníkóòdù, àmì méjì tí kò bára tan ni, kò sì sí ìlànà tó máa sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwa tí a mọ èdè la gbọ́dọ̀ sọ fún un:

```python
import unicodedata
def tun(w):
    w = w.lower().replace('\u0329', '\u0323')
    return unicodedata.normalize('NFC', w)
```

Gbogbo ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ gba inú `tun` kọjá kó tó di kọ́kọ́rọ́, títí kan ọ̀rọ̀ tí a fi ń bèèrè. Ibí yìí ni àwọn kan ti ń gbàgbé: wọ́n á tún ìwé ṣe, wọn ò ní tún ìbéèrè ṣe. Nígbà tí a kọ `n[tun('ọjọ́')]`, 16 ló jáde.

Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀nà tí ẹ fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrò lára àmì ìdánudúró. Ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni ní kí a fi `re.findall(r'\w+', s)` gé e. Fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó dára. Ṣùgbọ́n `\w` ti Páítọ̀nù kò ka àmì ohùn tó dá dúró mọ́ ara ọ̀rọ̀. Bó bá dé ibẹ̀, á gé e. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀, tó ní àmì ìsàlẹ̀ lórí ọ̀ méjèèjì, á dá a padà fún yín bí `['ọ', 'rọ']`. Èyí burú ju `KeyError` lọ, nítorí ọ wà nínú Yorùbá, rọ náà sì wà. Àṣìṣe kankan kò ní jáde. Ẹ ó kàn rí i pé rọ pọ̀ lọ́nà ìyanu nínú ìtàn yín. `split()` ni kí ẹ lò, kí ẹ wá fi `strip('.,;:!?')` bọ́ àmì kúrò létí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá bọ́ ọ kúrò, ọjà tó parí gbólóhùn á di `'ọjà.'` pẹ̀lú àmì ìdánudúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì tún gbọ́ pé kò sí ọjà.

Wọ́n á ní, kí ló dé tí a ò kàn bọ́ gbogbo àmì kúrò, kí gbogbo wàhálà tán? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó gbọ́n jù mí lọ. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọkọ́ tí à ń fi ro ilẹ̀ àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń gbé, gbogbo wọn á di oko, oko tí àgbẹ̀ ń lọ á sì bá wọn jókòó níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan, ọ̀rọ̀ márùn-ún. Iye rẹ̀ á tóbi, á gun orí àkójọ, kò sì ní sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí a yà sórí káàdì náà. Lọ́nà kan, a ó ti gba àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ pípín, a ó sì ti fi wọ́n fún ìdàpọ̀, tí òun kì í pariwo rárá.

Ohun tó yàtọ̀ ni ìwé tí ẹnìkan tẹ̀ láìsí àmì láti ìbẹ̀rẹ̀, bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wa ṣe rí. Kò sí ètò kékeré tó lè dá àmì náà padà. Inú `dict` tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni mo máa ń kó o sí, mi ò ní jẹ́ kó bá èyí tó lámì pàdé. Bákan náà ni lọ́jọ́, tí ó jẹ́ ní àti ọjọ́ tó wọnú ara wọn: `dict` á kà á sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí bí ọmọ ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Wàhálà yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, pàápàá ní ìlú bíi Niamey. Haúsá tí wọ́n ń kọ ní Nìjẹ̀r ń lo lẹ́tà `ƴ`, ti Nàìjíríà ń kọ ohùn kan náà ní `'y`. Àwọn ọmọ á wá jẹ́ `ƴaƴa` nínú fáìlì kan, wọ́n á jẹ́ `'ya'ya` nínú èkejì. NFC kò mọ̀ wọ́n ní ìbátan, bí kò ṣe mọ kókó àti igi ní ìbátan. Ẹni tó bá fẹ́ ka Haúsá ẹ̀yìn ẹnubodè méjèèjì pọ̀ ní láti kọ ìlà `replace` tirẹ̀ síbẹ̀, kó sì ṣọ́ra fún `strip` tó lè bọ́ àmì iwájú `'ya'ya` dànù.

Ọ̀nà kan wà láti fura kí `KeyError` kankan tó jáde. Mo ní ó sábà máa ń tó bí ìdajì ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń fara hàn lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà tán, ẹ wo àwọn tó ní 1 níwájú wọn. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fi `ascii` tẹ ogún nínú wọn jáde, kí ẹ wò wọ́n. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìtàn àwọn àgbà náà kó tó kọjá nínú `tun` àti lẹ́yìn rẹ̀. Iye kọ́kọ́rọ́ dín kù, àròpọ̀ iye kò yí padà. Bí àròpọ̀ bá yí padà lẹ́yìn `tun`, ẹ má gbà á, nítorí iṣẹ́ `tun` ni láti da àwọn kọ́kọ́rọ́ pọ̀, kì í ṣe láti sọ ọ̀rọ̀ nù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kọ àkójọ 100 tirẹ̀ jáde báyìí. Ó tún fi ìlà kan kún ìparí ètò rẹ̀ láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é: ó mú ọ̀rọ̀ 20 tí gbogbo wa mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìtàn Yorùbá èyíkéyìí, ilé, ọmọ, omi, ọjọ́, ọ̀rọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń bèèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú `n[tun(w)]`, láìlo `get`. Ìtàn tuntun kan dé láti ọwọ́ ẹni kẹrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, ètò náà sì dúró sórí ilé. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde, àlàfo kan tí ojú kò lè rí, `\u200b`, ló lẹ̀ mọ́ iwájú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì náà.